Ta Ló Ń Pè Yín Fún Iṣẹ́ Yẹn: Ẹ́jẹ́ǹsì Ni Àbí Ilé Iṣẹ́ Fúnra Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, tó sì ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìta Alímọ̀ṣọ́ niṣẹ́ náà máa wà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 1,200,000. Ṣùgbọ́n ilé ìgbé ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà ní Ìkẹjà, ní Ìsọlọ̀, ní Àpápá àti ní Áíláǹdì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú yín, ó ti rí àdírẹ́sì yín lórí sífí, ó sì ti ń rò ó bóyá ẹ máa lè dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ohun tó ń rò gan-an sinmi lé irú ẹni tó jẹ́, nítorí pé oríṣi èèyàn méjì ló ń mú sífí yín dání, ohun tí wọ́n sì ń wá níbẹ̀ kò dọ́gba.

Ìpè náà máa ń jọra. Ẹnì kan á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, a rí sífí yín, ṣé ẹ ṣì ń wá iṣẹ́?" Ó lè jẹ́ ẹ́jẹ́ǹsì, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ń bẹ̀ níṣẹ́ pé kí wọ́n báwọn wá òṣìṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ yẹn ń san owó oṣù fún. Mo ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì rí. Ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ àdúgbò wa tó mọ iṣẹ́ wọn dáadáa máa ń fi èsì kan náà ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì, èsì náà kì í sì í ba ẹnì kankan nínú wọn mu. Lójú ẹ́jẹ́ǹsì ó ti gùn jù, lójú ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kò sọ ohun kan pàtó.

Ibi tí owó ti ń wọlé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ló ń san án, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gba ẹni tó mú wá nìkan ni wọ́n máa san. Owó oṣù ẹni náà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Àwọn kan ń gba iye owó oṣù kan, àwọn mìíràn ń gba ìdá kan nínú owó ọdún kan. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn, tí owó oṣù sì jẹ́ ₦250,000. Ọdún kan á jẹ́ ₦3,000,000, owó ẹ́jẹ́ǹsì á sì jẹ́ ₦300,000. Bí ẹ́jẹ́ǹsì mìíràn bá ṣáájú rẹ̀ mú èèyàn wá, tàbí tí ilé iṣẹ́ náà bá rí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, kọ́bọ̀ kò ní wọlé fún un, bó ti wù kó ṣe wàhálà tó. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń yá lórí fóònù. Ó ṣeé ṣe kó ní ipò mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń wá èèyàn sí lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Nínú àdéhùn ẹ́jẹ́ǹsì àti ilé iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé bí ẹni tí wọ́n gbà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́ta, ẹ́jẹ́ǹsì máa wá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ti Ìgàndò lọ sí Áíláǹdì lójoojúmọ́, tí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti kó ẹ́jẹ́ǹsì sínú iṣẹ́ tí kò lówó nínú. Nítorí náà, bí ẹ́jẹ́ǹsì bá bi yín pé, "Níbo lẹ ń gbé?" ohun tó ń bẹ̀rù ni kí ẹ má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kò fẹ́ fi yín wọ́lẹ̀ rárá.

Ẹni tó wà nínú ilé iṣẹ́ kò ní irú ẹ̀rù yẹn. Bó gba èèyàn lóṣù yìí, bí kò gba èèyàn, owó oṣù rẹ̀ á wọlé. Ṣùgbọ́n òun àti ẹni tó bá gbà ni wọ́n jọ máa wà nínú ọgbà kan náà. Máníjà tó sọ pé òun fẹ́ akáǹtáǹtì máa ń pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Bí ẹni tó mú wá bá ń purọ́, tàbí tí kò lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, òun ni wọ́n máa bi, bóyá fún ọdún méjì gbáko. Ó mọ orúkọ ọ̀gá tí ẹ máa bá ṣiṣẹ́, ó mọ ìdí tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi kúrò, ó sì mọ iye tí ilé iṣẹ́ ti là sílẹ̀ fún ipò yẹn. Ẹ́jẹ́ǹsì lè má mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ránṣẹ́ sí i lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń bá yín sọ̀rọ̀? Bí ìpolówó iṣẹ́ náà bá ní "ọ̀kan lára àwọn oníbàárà wa ń wá akáǹtáǹtì," láìdárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ́jẹ́ǹsì ni. Ó ń fi orúkọ náà pa mọ́ kí ẹ má bàa fò ó dá lọ bá wọn fúnra yín, kí ẹ́jẹ́ǹsì mìíràn má sì gbọ́. Kò sí ìtànjẹ nínú ìyẹn. Bí ímeèlì náà bá wá láti àdírẹ́sì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ kọ̀wé sí, ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń jẹ́. Lórí LinkedIn, ẹ wo ibi tí ẹni náà kọ pé òun ti ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo èyí kò bá là á yé yín, ẹ bi í tààrà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé iṣẹ́ náà lẹ ti ń pè ni, àbí ẹ ń bá wọn wá èèyàn?" Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ìbéèrè kejì tó yẹ kó tẹ̀lé e ni: "Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi?" Ọ̀rọ̀ tiwa ní Nàìjíríà le díẹ̀ níbí yìí, nítorí oríṣi ẹ́jẹ́ǹsì kan wà tí kì í wá èèyàn kó sì yọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbà yín síṣẹ́, á wá yá ilé iṣẹ́ tàbí báńkì ní iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka owó fún wa ní káńtà báńkì ló wà lábẹ́ irú kọ́ńtíráàtì bẹ́ẹ̀. Aṣọ báńkì ni wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́jẹ́ǹsì ló ń san owó oṣù wọn, ẹ́jẹ́ǹsì náà ló sì ń fún wọn ní ìsinmi. Ẹlòmíràn lè fẹ́ irú iṣẹ́ yẹn, kó sì ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ fún íńtáfíù, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọwọ́ síwèé.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e délẹ̀. Ká ní obìnrin kan ń gbé nítòsí ọjà Ìkọ̀tún. Ó ti ń ṣe àkáǹtì fún ọdún mẹ́rin ní ìsọ̀ ẹni tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn oníṣòwò ní Ìgàndò. Ó mọ Excel dáadáa, ó ti jókòó fún ìdánwò Áíkàn títí dé ipele kejì. Owó tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ lóṣù jẹ́ ₦180,000. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ tó ń ṣe nǹkan mímu wá ń wá akáǹtáǹtì tó máa bójú tó ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ẹ́jẹ́ǹsì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́ọ̀sáàpù pé, "Iṣẹ́ akáǹtáǹtì wà ní Ìsọlọ̀, ṣé ẹ fẹ́?"

Èsì tí mo sábà máa ń rí gbà nígbà tí mo wà ní ẹ́jẹ́ǹsì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, olóòótọ́, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. Ó lè gùn tó ìlà ogún, kò sì ní sí iye owó níbẹ̀, kò ní sí ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́jẹ́ǹsì kò lè gbé ìyẹn lọ bá ilé iṣẹ́. Tábìlì kan ló ń kún lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ní àyè fún orúkọ, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe báyìí, ọdún tí ẹ ti lò níbẹ̀, owó tí ẹ ń gbà, owó tí ẹ fẹ́, ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ ń gbé. Bí ó bá ní láti tún pè yín kó tó lè kún un, ẹlòmíràn tó ti dá gbogbo rẹ̀ lóhùn ni á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Nítorí náà, èsì obìnrin yìí sí ẹ́jẹ́ǹsì lè rí báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣe àkáǹtì fún ẹni tó ń pín nǹkan mímu ní Ìgàndò: ọjà tó wà nílẹ̀, gbèsè àwọn oníbàárà, àti ìfiwéra ìwé báńkì. Mo ti dé ipele kejì ní Áíkàn. ₦180,000 ló ń wọ ọwọ́ mi lóṣù lẹ́yìn gbogbo àyọkúrò. Mo ń wá ₦250,000 sókè. Oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ fún ọ̀gá mi kí n tó kúrò. Ìkọ̀tún ni mò ń gbé, mo sì mọ ọ̀nà Èjìgbò sí Ìsọlọ̀. Mo fi sífí mi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà fún mi kí ẹ tó fi sífí mi ránṣẹ́ sí wọn, kí n lè mọ̀ bóyá mo ti kọ̀wé sí wọn rí."

Kò ju ìyẹn lọ. Ohùn rẹ̀ rọrùn, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó kẹ́yìn, nítorí òun ni àwọn èèyàn kì í kọ, àìkọ ọ́ ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Bí ó ṣe ń bà á jẹ́ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ẹ́jẹ́ǹsì tó bá kọ́kọ́ fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ló ni owó orí ẹni náà, bóyá fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ẹ wá wò ó pé obìnrin wa ti fi sífí rẹ̀ sí Jobberman, ó ti fi òmíràn fún ẹ́jẹ́ǹsì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì tún fún ẹ́jẹ́ǹsì kejì ní Ìkẹjà, láìmọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wá èèyàn fún. Ẹ́jẹ́ǹsì méjèèjì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà. Nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́, irú èyí máa ń dé orí tábìlì mi. Bí mo bá gba ẹni náà, ẹ́jẹ́ǹsì méjì á kọ ìwé gbèsè ránṣẹ́, àwọn agbẹjọ́rò á dá sí i. Bí ẹlòmíràn bá wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó ẹni náà, tí kò sì ní ìjà lẹ́yìn, ẹ mọ ẹni tí ọ̀gá máa ní kí n mú. Ẹni tí wọ́n yọ kò ní mọ ohun tó fà á láéláé. Á rò pé òun kò ṣe dáadáa ní íńtáfíù.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ ní ìwé pélébé kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: ẹ́jẹ́ǹsì wo, ilé iṣẹ́ wo, ọjọ́ wo. Bí ẹ́jẹ́ǹsì kejì bá dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹnì kan ti fi yín ránṣẹ́ sí, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun sà, wọ́n ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ báyìí." Inú rẹ̀ kò ní dùn, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé ẹ ṣeé bá ṣiṣẹ́, á sì tún pè yín fún òmíràn. Bí ẹ́jẹ́ǹsì bá kọ̀ jálẹ̀ láti dárúkọ ilé iṣẹ́, ẹ lè ní kó má fi sífí yín ránṣẹ́ sí ibikíbi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí Wọ́ọ̀sáàpù, kí ó lè wà níbẹ̀.

Ká wá ní kì í ṣe ẹ́jẹ́ǹsì ló kọ̀wé sí obìnrin yìí. Ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló polówó, obìnrin láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ wọn sì fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí ó sọ díẹ̀ nípa ara rẹ̀ àti ìdí tó fi fẹ́ iṣẹ́ náà. Bí ó bá fi èsì ti ẹ́jẹ́ǹsì yẹn ránṣẹ́, á dà bíi pé ó ń ná ọjà. Iye owó ti jáde kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé obìnrin yìí irú ìṣòro tí ilé iṣẹ́ náà ní, àti bóyá ó ti yanjú irú rẹ̀ rí. Ibí ni ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ti wúlò, ṣùgbọ́n lórí iṣẹ́ ni, kì í ṣe lórí ìwà rere:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí mi. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí ipò yìí ni pé ibi tí mo wà báyìí, ọjà yín wà lára ohun tí à ń pín. Mo mọ bí kéréètì ṣe máa ń sọnù láàárín ibi tí wọ́n ti ń kó o jáde àti ìsọ̀ oníbàárà. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń ka ìgò òfìfo, iye tó wà nínú ìwé kì í sì í bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo sì ní kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí iye tó dá padà kí ó tó gba ọjà tuntun. Láti ìgbà náà, bí kéréètì kan bá dín, a máa ń mọ ọkọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo rí i nínú ìpolówó yín pé ẹ fẹ́ ẹni tó máa bójú tó ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìsọ̀ kan ni ẹ ní tàbí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí mo ṣe máa ṣe é yàtọ̀."

Ẹ wo ohun tí ìwé yìí ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló yàn, kéréètì, ó sì sọ ọ́ débi pé ẹni tó ń kà á lè fojú inú rí ọjọ́ Ẹtì náà. Kò sọ iye owó, nítorí wọn kò tíì bi í. Ìbéèrè ló fi parí rẹ̀, irú ìbéèrè tí ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan lè béèrè. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lè gbé ìwé yìí lọ fún máníjà àkáǹtì bó ṣe wà, máníjà náà á sì fẹ́ rí ẹni tó kọ ọ́. Bí a bá fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ǹsì lórí Wọ́ọ̀sáàpù, kò ní kà á tán. Ó lè má mọ ohun tó ń jẹ́ ìgò òfìfo nínú ìwé àkáǹtì rárá, nítorí pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ ló ń wá.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ìyàtọ̀ náà ga. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ fún ẹ́jẹ́ǹsì tètè, kí ẹ sì sọ iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà, kí ó má bàa fi yín ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ kò ní lọ. Ó sábà máa ń mọ iye tí ilé iṣẹ́ fẹ́ san, bí ẹ bá sì bi í, ó sábà máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tirẹ̀ máa ń lé sí i bí tiyín bá lé, ìwọ̀nba ló máa ń lé. Ohun tó ṣe pàtàkì sí i ni kí iṣẹ́ náà parí. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ san ₦230,000, ó lè rọ̀ yín pé kí ẹ gbà á. Ẹ fi ọgbọ́n gba ìmọ̀ràn yẹn.

Lọ́dọ̀ ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹ lè ní, "Mo fẹ́ mọ ìpele tí ipò yìí wà lọ́dọ̀ yín, mà, kí n tó sọ iye kan." Ohun mìíràn tó máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ẹ́jẹ́ǹsì sábà máa ń sọ̀rọ̀ owó tó ń wọ ọwọ́, ilé iṣẹ́ sì máa ń sọ̀rọ̀ owó kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ó kéré tán, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á sì fi ìdá mẹ́wàá kún un. Ẹni tó sọ fún ẹ́jẹ́ǹsì pé òun fẹ́ ₦250,000 lọ́wọ́, tí ẹ́jẹ́ǹsì sì kọ ọ́ ránṣẹ́ láìsọ èyí tó jẹ́, á rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbà tí iye inú rẹ̀ jẹ́ ₦250,000, ṣùgbọ́n tí owó tó máa wọlé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ náà sí i nígbà gbogbo: "lẹ́yìn àyọkúrò" tàbí "kí wọ́n tó yọ nǹkan kan."

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ ibi tí à ń gbé, nítorí ó ń dun àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ gan-an. Àwọn kan máa ń kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ọgbà tàbí Ìkẹjà sórí sífí. Mo mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n n kò gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀. Lẹ́yìn íńtáfíù, ilé iṣẹ́ máa ń fún yín ní ìwé onídùúró, wọ́n sì sábà máa ń rán èèyàn lọ wo ilé tí ẹ ń gbé. Ọjọ́ yẹn ni irọ́ kékeré yẹn máa di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, lọ́dọ̀ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pàápàá, nítorí pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń wá jù.

Ohun tó dára ni kí ẹ dáhùn ẹ̀rù tó wà nínú ọkàn ẹni tó ń bi yín. Fún ẹ́jẹ́ǹsì, ẹ fi hàn pé ẹ kò ní sá: "Mo ti fi ọdún méjì lọ sí Ìkẹjà láti Ìkọ̀tún rí, mo máa ń gba Ìdímù àti Ìṣẹ́rì jáde sí Dòpẹ̀mú." Ẹni tó bá sọ orúkọ ọ̀nà báyìí, ó ti rìn ín rí. Bí iṣẹ́ náà bá wà ní Áíláǹdì tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ kò lè ṣe é, ẹ sọ ọ́ fún ẹ́jẹ́ǹsì báyìí báyìí. Kò ní bínú, á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìkẹjà, Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì lẹ lè ṣiṣẹ́ dé. Fún ẹ̀ka òṣìṣẹ́, àsìkò ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bi wọ́n ní aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà àti ibi tó ti ń gbé èèyàn, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ máa ń jáde nílé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpín-ìpín lè jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ sì ti kúrò kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ tó gbóná. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ nìkan ló lè fún yín ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹsì kò ní agbára rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń lẹ ìwé mọ́ òpó iná ní Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá pé iṣẹ́ fákítìrì wà pẹ̀lú ilé gbígbé, tí ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn tí wọ́n sì ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, kò sí ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó òṣìṣẹ́ jọ fún agbanisíṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Àdéhùn 181 tí Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1997 náà sọ pé ẹ́jẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yálà tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú, yàtọ̀ sí àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ hàn yín. Bí ìyẹn bá di ariwo, ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Ó ku bí ẹ ṣe máa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ́jẹ́ǹsì kì í bínú sí ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí Wọ́ọ̀sáàpù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin: "Ẹ káàsán sà, ṣé ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ yẹn ti fèsì?" Ó sábà máa ń dára fún un, nítorí ìyẹn lè rán an létí pé kí ó pè wọ́n. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, kí ẹ sì fèsì lórí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ yín. Ẹ má pe nọ́ńbà ara ẹni wọn lálẹ́. Bí wọ́n bá sì mú ẹlòmíràn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní ìlà méjì. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá ẹ́jẹ́ǹsì lọ, nítorí ilé iṣẹ́ mìíràn máa wá bá a ní oṣù tó ń bọ̀. Bí obìnrin wa bá yege ní ipele tó kàn ní Áíkàn, tàbí tí owó oṣù rẹ̀ bá yí padà, ìlà kan sí ẹ́jẹ́ǹsì lọ́jọ́ yẹn náà tó: "Ẹ káàárọ̀ sà, mo ti yege, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún ohun tó wà lọ́wọ́ yín."